Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Jẹ́wọ́ Kòtò Àgbàrá

Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò láti Èrúwà, tí ó ń wo àwọn òkè tó wà lápá ibi tiwa láti ojú fèrèsé, àpáta nìkan ni yóò rí. Kò ní mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń ro oko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìdí àpáta títí dé etí odò kékeré tí abúlé wa ti ń pọnmi, oko ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, àti iṣu níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn díẹ̀. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà ni oko wa wà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni mo lọ́kọ. Tíṣà ni ọkọ mi, Lánlátẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni èmi àti àkọ́bí mi ń gbé ní abúlé. Bàbá ọkọ mi ti kú kí n tó dé ilé wọn, ìyá yìí ló sì ń ro oko náà láti ìgbà náà, nítorí lọ́dọ̀ tiwa obìnrin tó lóko tirẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu. Oṣù kẹta tí mo dé ni ó mú mi lọ sí oko, ó fi àdá fàlà láti ìdí igi kan sí òmíràn, ó ní, "Ìyàwó, tìrẹ nìyí. Ohun tí o bá tà níbẹ̀, má fi hàn mí, má sì fi han ọkọ rẹ. Obìnrin gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí ó lè fi ra ọṣẹ."

Mo fẹ́ràn ilẹ̀ náà. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọkọ mi lọ ní ọdún àkọ́kọ́ náà, nítorí ilẹ̀ ni mò ń rí lójoojúmọ́.

Ọ̀kánkán tèmi gan-an ni kòtò àgbàrá wà. Ó gba ààlà oko wa ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wọ inú oko ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ wa, ọkùnrin kan tí ó ń gbin ata, tí gbogbo wa ń pè ní Aláta. Nígbà tí mo dé, mo lè bẹ́ kòtò náà kọjá bí mo bá ká ìró sókè. Lẹ́yìn òjò méjì, bí màlúù bá kó sínú rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Ní ọdún kejì ó jẹ etí oko mi, ó gbé ẹ̀gúsí mi lọ pẹ̀lú ewé àti èso, mo sì rí bàrà tèmi tí ó léfòó lórí odò bí ẹni tó ń lọ sí ọjà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi wálé lọ́jọ́ Fúráìdé, ó wo kòtò náà, ó ní, "Òjò ọdún kan sí i, yóò gba àárín oko yìí kọjá, kò ní ṣeé ro mọ́. Màmá yóò wá bá mi gbé ní Lánlátẹ̀. Ìwọ náà." Yàrá kan ṣoṣo ló háyà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń gbọ́. Ó kàn ń já ewé ìyèré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mọ̀ pé obìnrin náà kò ní pẹ́ kú bí wọ́n bá mú un kúrò lórí ilẹ̀ yẹn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá kan ní ìgboro.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ti gun ọ̀kadà wá rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó so igi méjì pọ̀ lórí bí lẹ́tà A, ó fi igi kẹta dábùú àárín wọn, ó wá so òkúta mọ́ okùn, ó jẹ́ kí ó máa rọ̀ láti orí. Ó fi ọ̀bẹ sàmì sí àárín igi tó dábùú. Bí okùn bá ti dúró lójú àmì náà, ẹsẹ̀ igi méjèèjì wà ní ìpele kan náà nìyẹn, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Èèkàn níbí, èèkàn lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa gbé e lọ títí ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ ó to òkúta sí lára òkè tí omi kò fi ní ráyè sáré gba ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará abúlé sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì. Èmi ló kọ́ bí a ṣe ń lò ó, nítorí pé mo lọ sílé ìwé, àti nítorí pé àwọn ọkùnrin ń tijú láti máa gbé igi kiri bí ọmọdé tó ń ṣeré.

Ọkùnrin náà ní kí a jọ ṣe é, kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè; ó ní kí a tún fi òkúta dènà inú kòtò fúnra rẹ̀, kí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ohun tí a wá ṣe nìyí: olúkúlùkù to òkúta sí oko tirẹ̀, ibi tí ojú rẹ̀ bá ti sọ. Ẹni tó wà lápá òsì to tirẹ̀ sí òkè díẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún to tirẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, àlàfo sì wà láàárín, nítorí pé ààlà ni, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ní òun jẹ ààlà. Inú àwọn àlàfo wọ̀nyẹn ni omi gbà. Òjò àkọ́kọ́ kó gbogbo òkúta náà sínú kòtò. Ẹni tí ó wà lókè pátápátá, lábẹ́ àpáta, kò tilẹ̀ to nǹkan kan. Àgbàlagbà ni, Bàbá Òkè là ń pè é. Ó ní ilẹ̀ tòun kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé ni ìyá ọkọ mi lọ bá Baálẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá àwọn olóko orí òkè sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ ní, "Ìwọ?" Ó ní, "Èmi." Wọ́n mú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìrun alásàárì.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la lò. Ẹ ò bá rí àwọn àgbà tí wọ́n fi ara há sórí àga ọmọ kíláàsì kejì, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ìṣirò aláròpọ̀ ṣì wà lára pátákó. Mo jókòó sítòsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ mi, kí n lè tètè gbé e jáde bí ó bá pariwo. Mo mọ ìyá ọkọ mi ní onírẹ̀lẹ̀ obìnrin. Kì í pariwo ní ọjà, ó máa ń fún oníbàárà ní èènì kó tó béèrè. Mo rò pé wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó dìde. Ó fa ìborùn rẹ̀ sí èjìká.

"Àṣàlámù àléékúmù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ kú ìsìn. Baálẹ̀, mo júbà o. N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi, nítorí mo ti rí i pé àga yìí kò gba ìdí àgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

"Mi ò kàwé. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nípa òkè wa yìí. Omi ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò ń gòkè."

Aláta dáhùn láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni, kò tíì pé ogójì ọdún. "Ìyá, ẹ tún un sọ. Kòtò lẹ́sẹ̀?"

"Ó lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju tìẹ lọ, ìwọ tí o ti ń lọ tọrọ ìyàwó kejì láti èṣí tí o kò tíì débẹ̀."

Kíláàsì dàrú. Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbá tábìlì, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo yín lẹ mọ igi igbá tí à ń ká fún irú, tó wà létí ààlà oko wa. Nígbà tí mo ṣì ń pọn ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà, ìsàlẹ̀ igi yẹn ni orí kòtò wà, ó jìnnà sí i débi pé mo máa ń so ewúrẹ́ mọ́ igi náà. Ẹ lọ wò ó lónìí. Kòtò ti kọjá rẹ̀ lọ sókè, gbòǹgbò igi ń fì nínú afẹ́fẹ́. Omi tó bá ń já bọ́ láti etí kòtò, ìdí ògiri ló ń jẹ, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ ìdí ògiri ilé. Bó bá jẹ ẹ́ tán, etí á ya lulẹ̀, kòtò á sún sókè. Òjò tó bá tún rọ̀, bákan náà. Bàbá wa tó wà lókè..." Ó yíjú sí Bàbá Òkè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ dé ààlà yín lánàá. Ogójì ẹsẹ̀. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ó lé ní ọgọ́ta."

Bàbá Òkè ló dáhùn. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí obì kó tó sọ ọ́. "Ìyàwó," ó ní, "mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àáró ni gbogbo wa mọ̀. Ẹ bá mi ro tèmi lónìí, mo bá yín ro tiyín lọ́la, ọjọ́ fún ọjọ́. Òkúta títò yìí, ẹ̀yin ìsàlẹ̀ ni yóò ṣe lóore. Kí ni n óò gbà padà? Ṣé n óò wá fi ẹ̀yìn àgbà gbé òkúta nítorí kòtò tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé," ni ẹnìkan sọ.

"Má pa òwe fún mi," ni Bàbá Òkè dá a lóhùn. "Èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ."

Ìyá ọkọ mi ní, "Bàbá wa, ọkọ́ mélòó lẹ ti fi òkúta oko yín ṣẹ́?"

"Ṣé ọkọ́ ni kí n wá máa kà ní ọjọ́ ogbó mi?"

"Ó dára. Òkúta tó ń ṣẹ́ ọkọ́ yín yẹn ni à ń wá. Àwa tí a wà nísàlẹ̀, òkúta wa kò tó ààrò mẹ́ta. Tiyín ló pọ̀. A ó wá, a ó ṣà á kúrò láàárín ebè yín, a ó tò ó sínú oko yín níbẹ̀, ní ìlà tí Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì bá fi hàn wá. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó ń ṣàn kúrò lọ́dọ̀ yín bọ̀ lọ́dọ̀ wa, yóò dúró tì yín. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú òkúta la ó kó sọ̀kalẹ̀ fún kòtò. Gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́, tiyín ni. Ẹ ò tíì ní bá wa ṣe ọjọ́ kankan nígbà náà, àwa ni a ó ti bá yín ṣe ṣáájú."

Mo rí i tí bàbá náà gbé orúnkún kan kúrò lábẹ́ àga, tó na ẹsẹ̀ sí ìta. Ó ń rò ó. Èmi náà ń rò ó, nítorí n kò tíì gbọ́ ọ rí: gbogbo ìgbà tí a ti ń pariwo pé kí bàbá yìí wá ràn wá lọ́wọ́, kò sí ẹni tó rántí pé òkúta oko rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kí wọ́n gbà, kí a lọ sílé. Ṣùgbọ́n Aláta dìde. "Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ gbàgbé nǹkan kan. Ta ló gbẹ́ kòtò yìí? Àwọn tó ni màlúù ni. Bàbá mi sọ ọ́ títí ó fi kú. Ọ̀nà tí màlúù wọn ń gbà lọ mu omi ló di kòtò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé òkúta! Kí ló dé tí ẹni tó ṣe é yóò máa mu wàrà, tí àwa yóò máa fi orí ru òkúta?"

Ariwo sọ. "Òótọ́ ni!" "Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní gáà wọn!" Àwọn kan tilẹ̀ ti dìde. Inú wọn dùn láti bínú, ó rọrùn ju òkúta lọ. Mo wo ìyá ọkọ mi, mo rí i pé ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì tíṣà mú.

"Ẹ jókòó," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Màlúù kọ́."

Wọn kò gbọ́. Baálẹ̀ gbá tábìlì.

"Mo ní màlúù kọ́. Ọkọ mi ni."

Àwọn tó ti dìde tún jókòó, mo sì gbọ́ tí ọmọ mi ń mu àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ọdún tí mo wà nínú oyún ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà yìí, omi láti òkè ń wọ ebè iṣu wa. Ọkọ mi ní ohun tí yóò ṣe é kò ju kòtò kékeré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà, kí omi rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ó gbẹ́ ẹ tààrà láti òkè sísàlẹ̀, kò fẹ̀ ju ọkọ́ kan lọ. Ó sì parí rẹ̀ sí ibi tí oko wa parí sí. Ibi tí oko wa parí sí," ó wo Aláta, "ibẹ̀ ni oko bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu tiwa ta dáadáa lọ́dún náà. Nígbà tí bàbá rẹ wá ń sọ pé màlúù ni, ọkọ mi dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Èmi ni mo fi agbọ̀n ru iyẹ̀pẹ̀ tó gbẹ́ jáde. Àwọn màlúù wá ń gba ibẹ̀ lẹ́yìn náà ni, nítorí wọ́n rí ọ̀nà. Mi ò lè ní kí ẹ bá mi gbé òkúta, kí n tún gbé irọ́ lé yín lórí mọ́ ọn."

N kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú bò mí. Mo ń wo ilẹ̀, mò ń sọ nínú ọkàn mi pé, obìnrin yìí ti ba tiwa jẹ́, ilẹ̀ yìí ti lọ.

Ojú Aláta ti pupa. "Gbogbo ọdún yìí! Bàbá mi ń bá yín jẹun lọ́jọ́ iléyá! Ó ń ṣépè fún ẹni ẹlẹ́ni!"

"Ó ń bá wa jẹun," ó ní. "Mo ń bù ú fún un."

"Ẹ tún lẹ́nu láti sọ ọ́!"

"Láti òní ni mo ti ní in. Má tíì lọ, ọmọ mi. Ìlà òkúta yóò ti òkè wá, láti oko Bàbá Òkè. Ìdènà inú kòtò yóò ti ìsàlẹ̀ lọ, láti oko tìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ìjọba yẹn wí, ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé. Àárín ni wọn yóò ti pàdé. Àárín sì ni tiwa. Tiwa ni yóò kẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá bá yín ṣe, mi ò ní béèrè rẹ̀ títí di ìgbà náà. Bí òjò bá dé kó tó kàn wá, a gbà á bẹ́ẹ̀."

Aláta ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jáde, ilẹ̀kùn pa dé gbàà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Òkè ló kọ́kọ́ yọ ara rẹ̀ kúrò lórí àga kékeré yẹn, ó gbé ọwọ́ lé pátákó kí ó lè dúró. "Èmi àti ọkọ rẹ jọ dàgbà," ó ní. "Alágídí ni. Bí ó bá wà láyé, kò ní lè sọ ohun tí o sọ yìí." Ó gbọn ẹfun pátákó kúrò lọ́wọ́. "Ẹ wá lọ́jọ́rú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ẹ̀gẹ́ mi mọ́lẹ̀ o. Òkúta ni mo fún yín, n kò fún yín ní ẹ̀gẹ́."

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bá ìyá ọkọ mi jà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi wá kẹ́yìn? Òjò kò ní dúró dè wá." Mo tún ní, "Ẹni tó ti kú, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?" Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó pọ̀n ọ́n sí ẹ̀yìn tirẹ̀. A rìn títí a fi kọjá ìdí kànga. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o rò pé kò dùn mí?" Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Fúráìdé tó sì gbọ́, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi padà sí Lánlátẹ̀.

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú Fúráìdé yẹn, a lọ. A tó bíi mẹ́rìnlá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èmi ni mo gbé Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì, ọmọ wà lẹ́yìn mi, gbogbo ìgbà tí okùn bá fẹ́ dúró lójú àmì ló ń na ọwọ́ mú un. Bàbá Òkè ń tẹ̀ lé mi, ó ń jiyàn. Bí mo bá kan èèkàn mọ́ ibì kan, á ní, "Rárá, ojú mi sọ pé ọ̀hún ló ga jù." Lẹ́yìn èèkàn bíi mẹ́wàá, ó lọ gbé búta tó fi ń ṣe àlùwàlá wá, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ láàárín èèkàn tèmi àti ibi tí ojú rẹ̀ sọ. Omi náà yí, ó sáré lọ sí ibi tí ó ní ó ga. Ó wò ó. Ó ní, "Igi yín kò níwà, ṣùgbọ́n kì í parọ́." Láti ìgbà náà kò jiyàn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé òkúta ìdí àpáta wá, ó ń kí àwọn òkúta náà bí ó ti ń yọ wọ́n: "Ìwọ lo ṣẹ́ ọkọ́ mi lọ́dún ijọ́sí. Lọ jókòó síbẹ̀."

A máa ń wa ilẹ̀ jìn díẹ̀ ní ìlà èèkàn, a ó to òkúta ńlá sínú rẹ̀, a ó sì fi kéékèèké dí i ní apá òkè, kí omi lè yọ́ kọjá, kí iyẹ̀pẹ̀ má lè bá a lọ. Ìlà kò dúró ní ààlà kankan. Àlàfo tí ó ṣe wá bí ó ṣe ṣe wá lọ́dún tó kọjá, a dí gbogbo rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò pa ọjọ́ kan jẹ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tirẹ̀ láti lọ ta ẹ̀gúsí ní ọjà Tápà, ó máa ń rán mi, òun á lọ gbé òkúta.

Aláta kò wá. Nígbà tí ó kan kòtò inú oko rẹ̀, àwọn ọkùnrin ní kí a fò ó, nítorí òfin àáró ni pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, a kì í ṣiṣẹ́ fún un. Ìyá ọkọ mi gbé òkúta kan, ó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gòkè lọ gbé òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin yòókù. Àwọn ọkùnrin kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀. A to ìdènà mẹ́ta, a sì jẹ́ kí àárín ìkọ̀ọ̀kan rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí omi lè gba àárín, kó má baà jẹ ògiri. Aláta wà lórí ebè ata rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń roko ibi tó ti ro tán.

Òjò àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ dé kó tó kàn wá. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tiwa, ìkùukùu ṣú sí orí àpáta, àrá sán lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe bí òjò bá ti yọjú: olúkúlùkù á sáré lọ kọ ebè tirẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bá wí. Mo dùbúlẹ̀, mò ń ro yàrá Lánlátẹ̀, mò ń ro ibi tí ìyá ọkọ mi yóò máa jókòó sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí a gòkè. Mo rí òkìtì òkúta kan lẹ́bàá orí kòtò wa, lábẹ́ igi igbá. Àwa kọ́ la kó o síbẹ̀. Mo bojú wo inú kòtò. Aláta ni, ó ti bọ́ẹ̀wù sílẹ̀, ó ń wa ẹsẹ̀ ìdènà sínú ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ti ń ṣe é tipẹ́, nítorí òógùn ti bò ó nínú òtútù àárọ̀ yẹn.

Ìyá ọkọ mi dúró létí kòtò. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. Ó fi "ẹ" kí i, ẹni tó lè bí.

Kò gbójú sókè. "Ẹ ní kí ìyàwó yín gbé igi rẹ̀ wá. Mi ò mọ ibi tí àárín rẹ̀ yóò ti rẹlẹ̀."

Mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Bàbá Òkè dé, àwọn yòókù dé ní méjì mẹ́ta, bí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ń wo ojú sánmà. Nígbà tí wọ́n bá rí Aláta nínú kòtò, wọn á dákẹ́, wọn á bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti to ìdènà ibẹ̀ tán, a sì ti tẹ́ òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi yóò máa já sí. Aláta wọ ẹ̀wù rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ mi, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Bàbá mi fẹ́ràn ọbẹ̀ yín." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò náà rọ̀, òjò tó ń fa páànù ya. Nígbà tó dá, àwa méjèèjì sáré gòkè láìwọ bàtà. Omi ṣì ń ṣàn nínú kòtò, ó ń gba àárín ìdènà wa kọjá díẹ̀díẹ̀. Ó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ bí epo, ó ti wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Etí oko mi kò ya. Lẹ́yìn òkúta, lápá òkè, iyẹ̀pẹ̀ dúdú ti dúró, ó jìn tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́.

Aláta ké láti ìsàlẹ̀. "Ìyá! Òkúta kan ti yẹ̀ nínú ìdènà mi kejì o!"

Ìyá ọkọ mi nu ọwọ́ sára ìró. Ó wo òkìtì òkúta tó ṣẹ́kù lábẹ́ igi igbá, ó yan ọ̀kan tó tóbi, ó ní kí n bá òun gbé e rù. Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi rù ú. Ó ní, "Gbé e lé mi lórí, ìyàwó. Orí yìí ló mọ ọ̀nà ibẹ̀." Mo gbé e lé e lórí, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ọwọ́ kan lórí òkúta, ọwọ́ kan ń di igi àti koríko mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀.